Kí Ló Dé Tí Ajá Fi Ń Tẹ Orí Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nígbà Tí A Bá Ń Bá A Sọ̀rọ̀?

Tanímọ̀la ni ajá wa ń jẹ́, Àdìgbẹ ní Abẹ́òkúta sì ni ilé wa. Ajá ìbílẹ̀ ni, onírun pupa, ọmọ ọdún méjì àti díẹ̀. Àwọn tó ń wá sí ọ̀dọ̀ wa ti rí i tí ó máa ń tẹ orí sí ọ̀tún bí ènìyàn bá pè é, tí ó sì máa ń wojú ẹni náà bí ẹni tí wọ́n ń pa àlọ́ fún. Ìbéèrè wọn kò lópin. Èyí tí wọ́n ń bi mí jù lọ ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo rí nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ àti nínú ìdánwò tí èmi àti àbúrò mi ṣe fún un.

Irú ìtẹ̀sí wo gan-an là ń sọ?

Ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Bí ajá bá yí orí, imú rẹ̀ ló kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó wá kọjú sí ibòmíràn. Bí ó bá tẹ orí, imú rẹ̀ ṣì kọjú sí yín, ṣùgbọ́n etí kan ti lọ sókè, èkejì ti wá sísàlẹ̀. Bí ẹ bá fi ojú inú fa ìlà láti ojú rẹ̀ kan sí èkejì, ìlà yẹn á dagun. Ìtẹ̀sí yìí kì í pẹ́, bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí mẹ́ta, orí á sì padà sí ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ sọ. Ajá tí orí rẹ̀ tẹ̀ láàárọ̀ títí di alẹ́ ní ìbéèrè tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Ṣebí kí ó lè mọ ibi tí ohùn ti ń wá ló ṣe ń tẹ orí?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà nìyẹn, kò sì burú láti rò bẹ́ẹ̀, nítorí bí etí ṣe ń ṣiṣẹ́ fi í hàn bí ohun tó lè rí bẹ́ẹ̀.

Etí méjì ni gbogbo wa fi ń mọ ibi tí ohùn ti wá. Bí nǹkan bá dún ní apá ọ̀tún, etí ọ̀tún á kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á sì dún kíkan níbẹ̀ ju ti òsì lọ, nítorí orí dí ohùn náà lọ́nà. Láàárín etí ajá tí kò tóbi púpọ̀, ó lè jẹ́ ìbú sẹ̀ǹtímítà 12. Bí ohùn ṣe ń rin mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyàtọ̀ àkókò tó wà láàárín etí méjèèjì kò ju ìdá 3 sí 4 nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Bí ó ti kéré tó yìí, ọpọlọ ajá ń lò ó. Orí tiwa tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìyàtọ̀ tí àwa ń rí lò pọ̀ ju tirẹ̀.

Ọ̀nà yìí dára fún ọ̀tún àti òsì. Ibi tí ìṣòro wà ni òkè àti ìsàlẹ̀. Bí ẹyẹ bá dún lórí igi tó wà ní iwájú ajá gan-an, ohùn rẹ̀ á dé etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàtọ̀ àkókò á sì di òfo. Ewé etí, pẹ̀lú ìṣẹ́po àti kọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà: ó ń yí adùn ohùn padà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohùn náà ṣe wá láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀. Wàyí o, bí ẹ̀dá kan bá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí kan á ga ju èkejì lọ, ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ á sì di ìyàtọ̀ láàárín etí méjì. Àwọn òwìwí kan kò tilẹ̀ ní láti tẹ orí kí èyí tó ṣẹlẹ̀: ihò etí wọn kan ga ju èkejì lọ láti inú ẹyin, òun ni wọ́n fi ń gbé eku nínú òkùnkùn.

Nítorí náà àbá yìí ní ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí ajá ń ṣe é. Ẹ dúró sí iwájú rẹ̀, ó ń rí yín, kò sì sí ohun tí ó ń wá nípa ibi tí ohùn yín ti jáde. Bàbá kan tó ń dẹgbó ní ìhà Ọ̀dẹ̀dá sọ fún mi pé: "Ọmọ mi, ajá tó gbọ́ ọ̀yà nínú ewé kì í tẹ orí. Ó máa na etí síwájú ni, ó máa yí orí, ẹ kò sì ní rí i mọ́." Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ń ró nínú mi. Ìgbà tí ajá nílò ibi tí ohùn wà jù lọ ni ìgbà tí ìtẹ̀sí orí ṣọ̀wọ́n jù.

Ṣé ajá kì í gbọ́ràn jù wá lọ ni? Kí ló tún fẹ́ fi ìtẹ̀sí orí ṣe?

Ó jù wá lọ níbì kan, a sì jù ú lọ níbòmíràn. Ọmọ ènìyàn tí etí rẹ̀ dá ṣáká ń gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n láti ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ajá ń gbọ́ láti bí ìgbà 67 títí dé 45,000. Èyí ni pé ó ń gbọ́ igbe tín-ín-rín tí eku ń ké, tí àwa á jókòó sí tòsí tí a kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n nínú kí a nàka sí ibi tí ohùn ti wá, àwa la mọ̀ ọ́n jù. Ẹ na apá yín síwájú. Bí ohùn bá yẹ̀ kúrò níbi tó wà ní ìwọ̀n ìbú ìka kan níbi tí ọwọ́ yín dé, etí yín á mọ̀. Kí ajá tó mọ̀, yóò ní láti yẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ní ìṣirò, tiwa jẹ́ bíi dìgírì 1, tirẹ̀ sì súnmọ́ dìgírì 8. Ìdí rèé tí ó fi máa ń sáré lọ síbi tó gbọ́ nǹkan, kí imú lè parí iṣẹ́ tí etí bẹ̀rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe ibi tí ohùn wà ló ń wá, kí ló wá ń ṣe?

Ìwádìí tó là mí lójú jù lọ jáde ní 2021 láti Yunifásítì Eötvös Loránd ní ìlú Búdápẹ́ẹ̀sì, ní orílẹ̀-èdè Họ́ńgárì. Ajá 40 ni wọ́n lò. Wọ́n ti gbìyànjú láti kọ́ gbogbo wọn ní orúkọ nǹkan ìṣeré fún oṣù mélòó kan. Ajá 33 kò mọ orúkọ náà. Méje péré mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ orúkọ nǹkan ìṣeré tó pọ̀.

Ìdánwò náà kò le. Nǹkan ìṣeré wà ní yàrá kejì, ajá kò rí i. Olówó ajá dúró níwájú rẹ̀, ó dárúkọ ohun kan pé kó lọ gbé e wá. Àwọn onímọ̀ kò bìkítà nípa bóyá ó gbé e wá dáadáa nìkan. Wọ́n wo orí rẹ̀ ní àkókò tó ń gbọ́ orúkọ náà.

Àwọn ajá 33 yẹn tẹ orí ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ. Àwọn méje tó mọ orúkọ tẹ̀ ẹ́ ní ìdá 43. Ẹ rántí pé ohùn kan náà ló ń dé etí gbogbo wọn, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró níwájú wọn. Bó bá jẹ́ ibi tí ohùn wà ni wọ́n ń wá, kí ló dé tí àwọn kan á máa wá a tí àwọn tó kù kò ní wá a? Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ fún àwọn méje.

Ohun kejì tí wọ́n rí ni pé ajá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ sí ọ̀tún, ọ̀tún náà ló ń tẹ̀ sí lẹ́yìn oṣù púpọ̀, ibi yòówù kí olówó rẹ̀ dúró sí. Bí ibi tí ohùn wà bá ló ń darí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ náà ì bá máa yí padà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti ṣí kúrò. Lójú tèmi, èyí ló lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ náà kò sọ ju ohun tí wọ́n rí lọ. Wọ́n ní ó jọ pé ìtẹ̀sí orí bá ìfetísílẹ̀ rìn, tàbí bá wíwá ohun tí orúkọ yẹn ń tọ́ka sí nínú ìrántí. Ewo gan-an nínú méjèèjì ni, ìdánwò yẹn kò lè yà á. Ajá méje kò sì pọ̀. Ẹ má sì gbà á pé àwọn ajá 33 yẹn kì í tẹ orí rárá nílé wọn. Nínú ìdánwò yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọn kò mọ̀ ni wọ́n ń gbọ́, ṣùgbọ́n nílé, "oúnjẹ" àti "ó yá, ká lọ" lè gbé orí wọn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíákíá.

Ṣé ẹ ti dán èyí wò lára ajá tiyín?

A ti dán an wò, èdè Yorùbá gan-an ló sì fún mi ní ohun tí mo máa fi ṣe é. Tanímọ̀la mọ "bàtà". Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo ní "bàtà!", ó ń lọ gbé sálúbàtà mi lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo wá bi ara mi pé: bí a bá pe "bàtá", ìlù tí kò mọ̀ rí, kí ni orí rẹ̀ á ṣe? Ìró lẹ́tà kan náà ni, ohùn ìkẹyìn nìkan ló gòkè. Ọ̀rọ̀ kẹta tí a lò ni "pẹ́fú", tí kò ní ìtumọ̀ kankan, tí kò sì jọ bàtà níbì kankan.

Bí a ṣe ṣe é rèé. Ìwé pélébé 30 ni a ká, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí 10, a dà wọ́n sínú igbá. Ní ìrọ̀lẹ́ márùn-ún, àbúrò mi fa mẹ́fà mẹ́fà, nítorí bí ó bá ju mẹ́fà lọ ní ìjókòó kan, ajá á sú, á dùbúlẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà ló ti ń pè é, kí ajá má baà rí ojú rẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀. Ohùn kan náà ló ń lò, kò fà á gùn, kò kígbe. Ó ń dúró tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú kó tó pe òmíràn. Fóònù mi wà lójú fèrèsé, ó ń gba àwòrán. Ẹnì kankan kò fún ajá ní ohunkóhun láti jẹ títí tí a ó fi parí tọjọ́ náà.

Nígbà tí mo ń kà á, mo pa ohùn fídíò náà. N kò mọ ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi pè. Orí ajá nìkan ni mo ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú láti máa kà á pẹ̀lú ohùn, mo rí i pé mo ń ka ìtẹ̀sí tí kò tó nǹkan sí "bàtà", tí mo sì ń gbójú fò ó bí ó bá jẹ́ "pẹ́fú". Mo pa ti ọjọ́ yẹn rẹ́, a tún un bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìpè 10 ti "bàtà", ó tẹ orí nígbà 6. Ti "bàtá", 5. Ti "pẹ́fú", 1. Nínú ìtẹ̀sí 12 yìí, 11 jẹ́ sí ọ̀tún. Ní ìrọ̀lẹ́ méjì ìkẹyìn, mo ní kí àbúrò mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà tó wà lápá òsì ajá, kó bọ́ sí ẹ̀yìn fèrèsé apá ọ̀tún. Ọ̀tún náà ni Tanímọ̀la ṣì ń tẹ̀ sí.

Ṣé èyí túmọ̀ sí pé ajá kò gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín bàtà àti bàtá?

Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn ti dùn mọ́ mi jù. Kí etí gbọ́ ìyàtọ̀ yàtọ̀ sí kí ọpọlọ ka ìyàtọ̀ náà sí. Ajá ń mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Etí rẹ̀ kò ní ìṣòro níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fún Tanímọ̀la ní ìdí láti ya "bàtà" kúrò lára "bàtá". Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ajá, ohunkóhun tó bá ti jọ "bàtà" ti máa ń já sí sálúbàtà.

Àwọn ará Búdápẹ́ẹ̀sì kan ṣe ohun tó súnmọ́ èyí ní 2020. Wọ́n lẹ wáyà pẹlẹbẹ mọ́ orí ajá láti ka bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń dáhùn nígbà tó ń gbọ́ àṣẹ tó mọ̀, ọ̀rọ̀ asán tó fi ìró kan ṣoṣo yàtọ̀ sí àṣẹ yẹn, àti ọ̀rọ̀ asán tó yàtọ̀ pátápátá. Ọpọlọ wọn tètè ya àṣẹ kúrò lára ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ pátápátá. Kò ya àṣẹ kúrò lára èyí tó jọ ọ́. Ọmọ ìkókó náà ń ṣe irú èyí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ má wá fi ìdánwò tèmi lé ajá gbogbo lórí. Ajá kan ni, ìpè 30 ni. Bí mo bá fi oṣù kan kọ́ Tanímọ̀la pé "bàtá" túmọ̀ sí kó lọ dùbúlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí èsì rẹ̀ yí padà.

Ìyá mi ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ajá ń gbọ́, bí a ṣe ń pè é ló ń gbọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdajì òótọ́ ni. Ní 2016, ìlú Búdápẹ́ẹ̀sì kan náà, wọ́n kọ́ ajá 13 láti dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Wọ́n fi ohùn ìyìn pe ọ̀rọ̀ ìyìn fún wọn, wọ́n fi ohùn ìyìn pe ọ̀rọ̀ lásán, wọ́n sì fi ohùn tútù pe ọ̀rọ̀ ìyìn. Ibi tó ń mú inú ajá dùn nínú ọpọlọ rẹ̀ jí dáadáa nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyìn bá pàdé ohùn ìyìn nìkan. Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n bá ti ń sọ pé ìwádìí yìí fi hàn pé apá òsì ọpọlọ ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀: àwọn tó ṣe é fúnra wọn padà kéde pé àwòrán náà dà sódì, ọ̀tún bọ́ sí òsì. Nítorí náà, n kò ní gba kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀gbẹ́ tí ajá ń tẹ orí sí sọ apá ọpọlọ tó ń lò.

Wọ́n ní imú gígùn ló ń dí i lójú, pé ó ń tẹ orí kí ó lè rí ẹnu wa.

Stanley Coren, onímọ̀ ìwà ajá ní Kánádà, ló gbé àbá yìí wá. Ó ní kí ẹ di ọwọ́ ní ìkúùkù, kí ẹ gbé e sórí imú yín, kí ẹ wá wo ojú ẹni tó wà níwájú: apá ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ á bọ́ sẹ́yìn ìkúùkù. Ó bi àwọn olówó ajá 582 léèrè. Nínú àwọn tí ajá wọn ní imú gígùn, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ní ó ń tẹ orí dáadáa. Nínú àwọn tí imú ajá wọn rì wọlé, ìdá 52.

Ìyàtọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdá 52 yẹn. Ju ìdajì àwọn ajá tí kò ní imú tó lè dí wọn lójú ń tẹ orí síbẹ̀. Ẹnu àwọn olówó ajá ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ, wọn kò wo ajá fúnra wọn. Mo gbà pé ojú lè kópa nínú rẹ̀, pàápàá fún ajá tí imú rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n Tanímọ̀la tẹ orí sí ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ.

Ṣé àwa kọ́ la kọ́ ọ?

A ń fi kún un. Bí ó bá tẹ orí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ fọwọ́ pa á lórí, bóyá ẹ sọ egungun sí i. Ajá kì í gbàgbé ibi tí egungun ti wá. Bí ẹ bá rí i pé ajá yín ń tẹ orí kí ẹ tó la ẹnu rárá, tàbí kìkì ìgbà tí ẹ bá ń jẹun, ìdí nìyẹn.

Orí ajá mi ti tẹ̀ láti àná, kò sì padà. Ṣé ó ń fetí sílẹ̀ ni?

Rárá o, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Nínú etí, lẹ́yìn ibi tó ń gbọ́ ohùn, ni ohun tó ń jẹ́ kí ara dúró déédéé wà. Bí àrùn bá wọ ibẹ̀, orí á dagun sí apá tó ń dùn ún, á sì dúró síbẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ o, ẹ dákẹ́ o.

Ẹ gbé ewé etí rẹ̀ sókè lójú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbóòórùn kíkan, tí ẹ rí ọyún tàbí èérí dúdú bí iyẹ̀pẹ̀, tàbí eégbọn tó so mọ́ inú, tí ajá sì ń gbọn orí tó ń fi ẹsẹ̀ ha etí, inú etí ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń rìn bí ẹni tí òòyì ń kọ́, tó ń yípo apá kan, tí ẹyin ojú rẹ̀ ń já lọ já bọ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi ìdúró déédéé yẹn. Ó máa ń mú àwọn ajá tó ti dàgbà lójijì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kó sọ èyí tí tiyín jẹ́. Ẹ má ṣe da òróró tàbí oògùn kankan sí etí náà kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò: bí ìlù etí bá ti ya, oògùn tó dára fún ìta etí lè ba inú rẹ̀ jẹ́. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbàtà fún ẹni tí kò bá ní dókítà nítòsí.

Ajá tèmi kì í tẹ orí rárá. Àbí adití ni?

Ọ̀pọ̀ ajá tí etí wọn dá ṣáká kì í ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń gbọ́, ẹ dúró dìgbà tó bá sùn. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé òórùn yín lọ bá a, ẹ má fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, ẹ má pàtẹ́wọ́ súnmọ́ ọn, nítorí ó lè mọ̀ ọ́n lára láì gbọ́ ọ. Ẹ mi ìdì kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ewé etí kan bá mì, ó gbọ́. Ibi tí ọgbọ́n yìí kù sí ni pé ajá tí etí kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ á jí bákan náà, ṣùgbọ́n á máa wo ibi tí kò yẹ kó tó rí yín. Ẹ fọkàn sí èyí bí ajá yín bá funfun láti orí dé ìrù, pàápàá tí ojú rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run, nítorí àárín irú wọn ni a ti ń bí ajá adití jù.